Oníkéèkì Òkè-Àró àti àwọn oníbàárà tó wà nítòsí

Ìbéèrè: Kéèkì ni mò ń ṣe tà ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́. Mo máa ń kọ #cake, #love àti #birthday sábẹ́ àwòrán mi lórí Instagram, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó àti ará òkè òkun nìkan ló ń fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni kí n ṣe kí àwọn tó wà nítòsí lè rí mi?

Ìdáhùn: Àwọn háṣítáàgì yẹn ti gbòòrò jù. Gbogbo ayé ló ń kọ #cake, nítorí náà àwòrán yín ti rì sábẹ́ tàwọn ẹlòmíràn kí ẹni tó wà ní Alágbàká tó débẹ̀. Ẹ so orúkọ ìlú mọ́ orúkọ ọjà, bíi #akurecakes tàbí #cakesinakure. Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí a ti ń wá nǹkan lórí Instagram, kí ẹ sì wo ohun tó jáde: bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn oníkéèkì Àkúrẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn kan sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú un. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó.

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ #oke-aro, dáàṣì yẹn yóò gé e, #oke nìkan ni yóò sì ṣiṣẹ́. #Okearo ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi àmì ohùn sí i (ó dùn mí láti sọ ọ́), nítorí oníbàárà tó ń kánjú kì í tẹ àmì ohùn. Ẹ ṣọ́ra fún #ondo pẹ̀lú, torí pé ìlú Oǹdó àti ìpínlẹ̀ Oǹdó ló jọ ń jẹ́ orúkọ yẹn, ẹni tó sì rí yín níbẹ̀ lè wà ní Òkìtìpupa.

Ní ti àmì ibi tí ẹ wà, ẹ tẹ Add location nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé àwòrán jáde, kí ẹ sì kọ Akure. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ tó jọra wọn jáde ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹ yan èyí tí máàpù rẹ̀ bọ́ sí Àkúrẹ́ gan-an, tí àwọn ará ìlú sì ń fi àwòrán tuntun sí. Àwọn àwòrán àtijọ́ náà kò gbẹ́yìn: ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè wọn, ẹ tẹ Edit, kí ẹ sì fi ibi náà sí i.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́: bí ẹ bá ti àkáǹtì yín pa, tó jẹ́ pé àwọn tí ẹ gbà láàyè nìkan ló ń rí i, ẹlòmíràn kò ní rí yín lábẹ́ háṣítáàgì kankan. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì sọ ọ́ di ti oníṣòwò, kí ẹ lè máa rí ìlú tí àwọn tó ń wò yín ti ń wá. Lẹ́yìn oṣù kan, bí Èkó bá ṣì borí Àkúrẹ́ níbẹ̀, ẹ pa háṣítáàgì tó gbòòrò jù nínú wọn rẹ́, kí ẹ fi ti àdúgbò rọ́pò rẹ̀.