Wíwọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọ dúdú látòkè délẹ̀ lọ síbi òkú kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Báwo ni kò ṣe ní rí bákan?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí aṣọ méjì tó fara kan ara wọn jẹ́ irú kan náà. Dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà ìró àti bùbá òwú lásán á rí bí òjìji nínú fọ́tò. Bí ẹ bá wọ bùbá léèsì, tí ihò rẹ̀ ń fi ara hàn díẹ̀ lápá, lórí ìró òwú, tí ẹ wá fi ìpèlé àrán lé èjìká, ojú á rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìpèlé nìkan ni kí ẹ fi àrán ṣe o, ooru ọ̀sán kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ìró àrán. Gèlè aṣọ òkè dúdú tó ń dán díẹ̀ ló máa gbé ojú yín yọ. Iyùn kan lọ́rùn ti tó. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ lófìfo.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kó gbogbo wọn jáde síta ṣọ́ọ̀bù, sínú oòrùn. Dúdú míì máa ń pọ́n, òmíràn á fẹ́ dà bí aró. Lábẹ́ gílóòbù, ẹ ò ní mọ̀.