Irin tó ń kó jọ lára láìsí ariwo

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní mo ní hemokuromatósíìsì àjogúnbá, pé irin ti pọ̀ jù lára mi. Fẹ́rítíìnì mi, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iye irin tí ara kó pamọ́ hàn, jẹ́ 1,150. Yàtọ̀ sí oríkèé ọwọ́ tó máa ń ro mí, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ṣé dandan ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ báyìí?"

Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń bá àìsàn yìí yí. Oríkèé ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín ló kọ́kọ́ ń ro mí, níbi tí wọ́n ti so mọ́ ọwọ́. Làkúrègbé ni wọ́n pè é, oògùn ìrora ni wọ́n sì ń fún mi.

Ara kò ní ọ̀nà tó fi ń da irin tó bá pọ̀ jù nù. Ìgbà tí irin bá fẹ́ wọlé ni ara ti ń dá a dúró: ẹ̀dọ̀ ń ṣe họ́mónù kan, hẹpisídíìnì, tó ń jẹ́ kí ìfun mọ̀ pé ó tó. Lára àwa tí a jogún àyípadà àbùdá tí wọ́n ń pè ní C282Y lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, họ́mónù yẹn kéré jù, ìfun sì ń gba irin lọ ràì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mílígíráàmù 1 sí 2 ni ara ẹlòmíì ń gbà lójúmọ́. Ká ní tiwa fi 2 péré lé e, ó di 730 lọ́dún. Tó bá fi máa pé ogún ọdún, ó ti lé ní gíráàmù 14, bẹ́ẹ̀ gbogbo irin tó yẹ kó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi 3 sí 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi sábà máa ń tó ogójì ọdún kó tó hàn, tí ti obìnrin sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí nǹkan oṣù ń bá wọn dín in kù.

Ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Irin á máa ba ibẹ̀ jẹ́, àpá á máa gba ipò ẹran ara, ẹ̀dọ̀ ò sì ní ké. Bí àpá bá gbà á tán, ó lè di jẹjẹrẹ. Irin náà ń dé ọkàn, ó sì ń dé ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì, tí àtọ̀gbẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Torí pé tiyín ti kọjá 1,000, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀. Ẹ tún bi wọ́n nípa tiransifẹ́rìnì, ohun tó ń gbé irin kiri nínú ẹ̀jẹ̀: ọtí tàbí ara wíwú lásán lè gbé fẹ́rítíìnì sókè, àmọ́ bí tiransifẹ́rìnì bá kún ju ìdá 45 nínú 100, ó túbọ̀ ń tọ́ka sí irin gan-an.

Ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ ń kó nǹkan bíi mílígíráàmù 250 jáde. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fà á níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa wo bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó kí wọ́n tó fà á. Bí fẹ́rítíìnì bá ti sún mọ́ 50, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún. Agbára mi padà. Oríkèé ò padà, ó ṣì ń ro mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ẹ má lo oògùn irin tàbí fítámì C oníhóró. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan náà: ó kéré tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní àǹfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti jogún rẹ̀ bíi tiyín, ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n á sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.