Bí a ṣe ń bẹ ọ̀gá àtijọ́ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo jáde ní FUTA ní 2021. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní kí n mú olùjẹ́rìí méjì wá fún másítà, December 15 ni gbèdéke. Mo fẹ́ bẹ ọ̀gá tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí a ti fojú kanra. Kí ni kí n sọ? (Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Má tíì fi orúkọ wọn sí fọ́ọ̀mù. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, líǹkì tí wọn yóò fi lẹ́tà sí sábà máa ń lọ bá wọn lójú ẹsẹ̀, inú àwa olùkọ́ kì í sì í dùn tí irú ẹ̀ bá dé láìsí ẹni tó kọ́kọ́ bá wa sọ ọ́.

O ṣáà wà l'Ákùúrẹ́, lọ kí wọn ní ọ́fíìsì. Bí o bá kí wọn tán, bi wọ́n pé: "Sà, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ mi tó láti kọ lẹ́tà tó dáa fún mi?" Bí wọ́n bá ní "àá máa wò ó", dúpẹ́, kí o wá ẹlòmíràn. Lẹ́tà tí kò ní nǹkan nínú lè pa ọ́ lára.

Bí wọ́n bá gbà, fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó má kọjá November 15. Máàkì rẹ kọ́ ni kí o tẹnu mọ́, ìwé èsì á sọ ìyẹn. Ohun tí ojú wọn nìkan rí ni kí o rán wọn létí, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gba ọwọ́ wọn kọjá:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo ṣe àṣekágbá lórí omi kànga lábẹ́ yín ní 2021. Nọ́ńbà mátíríìkì mi wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò wa bàjẹ́, mo lọ yá òmíràn, mo sì tún omi méjìlá yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá ṣeé ṣe, kí lẹ́tà náà wọlé kí December 8 tó pé. Sífíì mi, ìwé èsì àti ohun tí mo kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbí."

Ọ̀sẹ̀ kan tí o yọ sílẹ̀ yẹn ni ààbò rẹ. Òótọ́ ni pé bí gbèdéke bá jẹ́ 11:59 alẹ́ ní New York lóṣù December, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló kù díẹ̀ lù ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n má sọ ìyẹn fún wọn o!

Bi wọ́n ní ímeèlì tí wọn yóò lò. Èyí tó parí sí .edu.ng ló dára jù, torí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í gba Gmail. Bí líǹkì bá ti lọ, ní kí wọ́n wo Spam.

Àwa kan máa ń sọ pé, "Kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i." Má kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ka ìyẹn sí èrú. Fi ọ̀wọ̀ fún wọn ní kókó márùn-ún dípò rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu wọn wá.

Rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan ní December 1. Bí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ kò bá tíì fi hàn ní December 9 pé lẹ́tà ti dé, pè wọ́n, kí o sì ti bá olùjẹ́rìí kẹta sọ̀rọ̀ sílẹ̀.