Títo ìwé ètò òwò èlùbọ́ fún òṣìṣẹ́ báńkì

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kọ ìwé ètò òwò èlùbọ́ mi tán, báńkì ní kí n lọ tò ó sábẹ́ ọjà, ìṣiṣẹ́, owó àti ewu. Ṣé kí n kàn fi àkọlé sáàárín ohun tí mo ti kọ ni?"

Rárá o, àkọlé nìkan ò ní tó. Ẹni tó fẹ́ yáni lówó kì í ka ìwé bí ìtàn. Ojú ewé owó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ló máa padà sí ọjà láti wò bóyá ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé. Nítorí náà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣí nípò, kì í ṣe odindi ìpínrọ̀.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ fi bírò kọ orúkọ àkọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mú irú gbólóhùn tó wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn elélùbọ́ Ìbàdàn: "À ń ra gbodo láti Ṣakí, à ń lọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà, à ń kó o fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù Bódìjà láwìn, iná sì máa ń dá wa dúró." Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ sí ọjà, pẹ̀lú iye wọn, iye àpò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà àti ìgbà tó ń sanwó. Ṣakí àti Mọ́níyà lọ sí ìṣiṣẹ́. Àwìn lọ sí owó, iná lọ sí ewu.

Àwìn yẹn ló máa ń da ìwé rú jù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń ta 100 àpò oníkílò 10 lọ́sẹ̀, ní ₦15,000 lápò kan, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ àwìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn ni pé 200 àpò ló máa ń wà níta nígbàkígbà, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,000,000. Bí àpò kan bá ń ná yín ní ₦12,000 kó tó dé ọjà, ₦2,400,000 nínú owó yín ló há síta. Bí ẹ bá kọ ₦5,000,000 pé ẹ fẹ́ yá, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ báńkì á bi yín pé kí lẹ máa fi ra gbodo lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ ya owó ẹ̀rọ sọ́tọ̀, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó máa ti àpò yín wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó gbogbo iye tó wà nínú ìwé náà sórí pépà kan. Bí ọjà bá ní 150 àpò lọ́sẹ̀, tí ìṣiṣẹ́ sì ní ẹ̀rọ ń lọ 200 kílò lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, 100 àpò péré nìyẹn. Irú àṣìṣe yìí kì í fara hàn nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìtàn. Ẹ má sì gbàgbé eruku àti èérún tó ń dà nù: kílò gbodo tí ẹ rà gbọ́dọ̀ ju kílò èlùbọ́ tí ẹ tà lọ.

Lábẹ́ owó, oṣù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ to, kì í ṣe ọdún lápapọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbodo máa ń pọ̀, ìgbà náà lẹ máa kó o pamọ́. Owó á jáde rẹpẹtẹ nígbà tí ọjà kò tíì mú un padà. Lórí àròpọ̀ ọdún, èrè wà; ní oṣù ìràjà, owó ìsanpadà lè má sí. Bí àtẹ oṣù bá fi èyí hàn, ẹ ti rí ìdí tí ẹ ó fi sọ pé kí ìsanpadà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ewu kò gbọ́dọ̀ di àtòjọ ẹ̀rù. Èyí tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i àti iye tó máa ná yín, kí iye náà sì hàn lábẹ́ owó. Iná lọ? Ẹ kọ dísù jẹnẹrétọ̀ sínú ìnáwó oṣù. Kòkòrò ń jẹ gbodo nínú sítóò? Pákó tí ẹ máa tò ó lé lórí kó má fara kan ilẹ̀, àti àpò tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, ní iye tiwọn.

Ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ máa kọ kẹ́yìn: iye tí ẹ fẹ́ yá, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, oṣù mélòó lẹ máa fi san án, ibi tí owó ìsanpadà á ti wá, ohun ìdógò. Ojú ewé kan péré.

Ìwé àkáǹtì yín ni ẹ so mọ́ ẹ̀yìn. Bí títà tí ẹ kọ bá pọ̀ ju owó tó gba inú àkáǹtì lọ, ẹ kọ iye tí ẹ gbà lówó ọwọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé ìtajà yín mọ́ ọn, torí àkáǹtì ni báńkì máa gbàgbọ́.