Ẹ́nájì 6 di 24 lẹ́yìn FFT: ibo ni ìyókù ti wá?

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ́ wa pé iye kan náà ni ẹ́nájì sígínà, yálà a kà á ní àkókò tàbí ní fríkúẹ́ńsì. Mo fi sáńpù mẹ́rin dán an wò: 1, 2, 0, −1. Ní àkókò, mo sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, mo rò wọ́n pọ̀, 1 + 4 + 0 + 1, mo rí 6. Lẹ́yìn tí `np.fft.fft` gbé e lọ sí fríkúẹ́ńsì, mo rí 24. Kí ni mo ṣì ṣe?*

Àbúrò, o ò ṣi nǹkan kan ṣe, ìṣirò yẹn ló kù díẹ̀ kó parí. Pín 24 sí ọ̀nà 4, wàá rí 6 rẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi í sílẹ̀ báyẹn, ọjọ́ tí sáńpù bá di 1000, o ó tún padà wá. Jẹ́ ká wo ibi tí 4 yẹn ti wá.

Ohun tí FFT ń ṣe ni pé ó ń fi sígínà rẹ wé ìgbì mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbì kìíní kì í mì rárá: 1, 1, 1, 1. Ìkẹta ń lọ sókè sódò: 1, −1, 1, −1. Ìkejì ni 1, j, −1, −j, ìkẹrin sì ni òdìkejì rẹ̀: 1, −j, −1, j. Nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó di −1 ni j. A ó sọ sáńpù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá a dọ́gba nínú ìgbì, a ó yí àmì iwájú j padà, lẹ́yìn náà a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Pẹ̀lú ìgbì kìíní, 1 + 2 + 0 − 1 jẹ́ 2. Pẹ̀lú ìkẹta, 1 − 2 + 0 + 1 jẹ́ òdo. Pẹ̀lú ìkejì, 1 − 2j − 0 − j jẹ́ 1 − 3j. Ìkẹrin á fún wa ní 1 + 3j. Tí a bá wá wá ẹ́nájì wọn, 2 á di 4. Nọ́ńbà tó ní j, apá rẹ̀ méjèèjì la ó kà: 1² + 3² jẹ́ 10. Nítorí náà 4 + 10 + 0 + 10 ló bí 24 tí o rí.

Wàyí o, ìgbì fúnra rẹ̀ ní ẹ́nájì. Ka ti ìkíní: 1 + 1 + 1 + 1 jẹ́ 4. Bákan náà ni ti àwọn yòókù. Ìgbì tí ẹ́nájì rẹ̀ jẹ́ 4, gígùn rẹ̀ jẹ́ 2, nítorí náà gbogbo ohun tí o bá fi wọ̀n máa ń jáde ní ìlọ́po méjì. Tí o bá wá sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ìpín tòótọ́ tí ìgbì kọ̀ọ̀kan gbé ni 1, 2.5, 0 àti 2.5. Ro wọ́n pọ̀: 6.

Kí ló dé tí a fi lè rò wọ́n pọ̀ láìsí pé ọ̀kan ń ka ti èkejì? Sọ ìgbì kìíní di púpọ̀ pẹ̀lú ìkẹta: 1 − 1 + 1 − 1 jẹ́ òdo. Èyíkéyìí tí o bá mú méjì nínú wọn, tí o sì yí àmì iwájú j padà nínú ọ̀kan, òdo ló máa jẹ́, bí ẹsẹ̀ méjì onígun tó dúró ṣánṣán sí ara wọn. Pàítágórásì tí o kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì náà nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Orúkọ Marc-Antoine Parseval, ará Faransé tó gbé irú òfin yìí kalẹ̀ ní 1799, ni wọ́n fi ń pè é.

```
import numpy as np
x = np.array([1, 2, 0, -1])
X = np.fft.fft(x)
print(np.sum(x**2))
print(np.sum(np.abs(X)**2) / len(X))
```

Méjèèjì á fún ọ ní 6. Tí o bá gbàgbé `np.abs`, tí o kọ `X**2` lásán, −3 ni wàá rí dípò 6. Ẹ́nájì kì í wọ òdì láé, nítorí náà àṣìṣe yẹn ń tú ara rẹ̀ fó.

Èyí tí kì í tú ara rẹ̀ fó ló máa ń dá wa lágara. Ká ní o fi òdo mẹ́rin kún ìdí sígínà kí fríkúẹ́ńsì lè hàn dáadáa. Ẹ́nájì ní àkókò ṣì jẹ́ 6, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ní fríkúẹ́ńsì ti di 48, torí ẹ́nájì ìgbì kọ̀ọ̀kan ti di 8. 8 ni kí o fi pín in. Mo ti pín irú rẹ̀ sí iye sáńpù àtilẹ̀wá rí, mo sì fi odidi ọ̀sán kan fura sí máíkì tí kò ṣẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ `len(X)`, tí n kò kọ `len(x)`.

Àṣìṣe kejì irú rẹ̀ wà ní `np.fft.rfft`. Kì í fún ọ ní ìgbì kẹrin, torí òjìji ìgbì kejì ni. Nínú tìrẹ, 4 + 10 + 0 ló máa dá padà, ìyẹn 14. Pín in sí 4, 3.5 ni. Sọ àárín nìkan di ìlọ́po méjì, kí o tó pín in: 4 + 20 + 0. Má fọwọ́ kan ìkíní. Bí iye sáńpù bá jẹ́ nọ́ńbà tí a lè pín sí méjì, má fọwọ́ kan èyí tó kẹ́yìn náà. Bí kò bá ṣeé pín sí méjì, èyí tó kẹ́yìn ní òjìji tirẹ̀, kí o sọ òun náà di ìlọ́po méjì.