Ìṣápá pupa, káún àti ọsàn: ìdánwò sáyẹ́ǹsì fún ọmọ pámárì

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Mánṣẹ́sítà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Adó-Èkìtì, pámárì fáìfù ló wà. Iléèwé wọn fẹ́ ṣe àfihàn sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní ohun inú ilé ìdáná àti ọgbà ni kí wọ́n lò. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé àgbàlagbà ló máa bá a ṣe é. Kí ni kó ṣe?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Adó yẹn náà lọmọ tèmi ti ka pámárì, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, kó tó wá bá wa ní Tòróńtò.

Ẹ fi ẹ̀wà inú òwú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì ló máa gbé e wá. Ẹ fi fíníígà tó ń hó yàà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè kankan. Omi ìṣápá ni kẹ́ ẹ mú. Ìbéèrè tí ọmọ máa kọ sórí káàdìbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìyí: láàárín ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọsàn mímu, èwo ni ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀ jù, báwo la sì ṣe lè mọ̀ ọ́n láìfi ẹnu tọ́ ọ wò?

Ẹ bá màmá sọ ọ́ dáadáa pé ìṣápá pupa ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ìṣápá funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jẹ iyán kò ní aró tí a ń wá. Bí pupa bá wà lọ́gbà, kí wọ́n já a, kí wọ́n yọ kóró inú rẹ̀ kúrò. Bí kò bá sí, wọ́n ń ta gbígbẹ lọ́jà. Sóbò inú ike tí wọ́n ti fi ṣúgà, ata ilẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí kò ṣeé lò.

Kó rẹ ṣíbí ńlá méjì ìṣápá gbígbẹ sínú ife omi gbígbóná kan, kó sẹ́ ẹ, kó jẹ́ kó tutù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: omi ìṣápá fúnra rẹ̀ ti kan gan-an, bó bá ki, káún díẹ̀ kò ní yí i padà. Kó fi omi là á, ìṣápá kan sí omi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kó lọ káún kúnná, kó fi ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré rẹ̀ sínú ife omi mìíràn, kó jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ silẹ̀, kó sì da omi tó tòrò lójú sọ́tọ̀.

Kó wá to ife funfun mẹ́ta kalẹ̀, ṣíbí ńlá mẹ́ta omi ìṣápá tí a ti là sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó máa fi omi káún kún un ní ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan títí pupa á fi lọ tí àwọ̀ ewé á fi dé. Iye ṣíbí tí ife kìíní bá gbà ni kó fi sínú èkejì àti ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kó fi máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ti sẹ́ sínú ife kìíní, kó máa ro ó, kó máa ka ẹ̀kán, títí àwọ̀ ewé á fi pòórá tí omi náà á sì máa pọ́n. Kó ṣan sírínjì náà, kó fi ọsàn mímu ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ife kejì. Ẹ̀kẹta ni kò ní fọwọ́ kàn, òun ni yóò máa fi wé ìyókù.

Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá gba bí ẹ̀kán mẹ́wàá, kó má yà á lẹ́nu bí ọsàn mímu bá gba ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ásíìdì sítíríkì ló wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ ju ti ọsàn mímu lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ásíìdì yìí ló ń pa agbára káún, aró inú ìṣápá, tí wọ́n ń pè ní antosáyánínì, a sì padà di pupa. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kó kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra gan-an, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kán má tóbi bákan náà, tàbí kí ó má ro ó dáadáa.

Ife tó ti ní àwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Káún máa ń ba aró náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì, ọsàn kò sì ní lè dá a padà mọ́. Nítorí náà, ìṣápá gbígbẹ àti omi gbígbóná inú fúláàsì ni kó gbé lọ síléèwé, kó pò ó níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Olùkọ́ lè bi í pé ṣé kì í ṣe ṣúgà ló mú kí ọsàn mímu gba ẹ̀kán tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kó bu ṣúgà sínú ife kẹta lójú wọn, kó ro ó. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí. Lẹ́yìn náà, kó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀: iye ẹ̀kán tó máa gbà á sún mọ́ ti ife kìíní, bí ṣúgà tilẹ̀ wà nínú rẹ̀.