Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà inú sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí

Ìbéèrè: Kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà inú sáfà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lè má lágbára?

Àkókò tí dísìkì, kííbọọ̀dù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ta Linux jí wà lára ohun tó fi ń ṣa nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ jọ. Tirẹ kò ní kííbọọ̀dù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: ọwọ́ rẹ̀ lè ṣófo. Kọ̀ǹpútà méjì tí a dà kọ láti ara ẹyọ kan lè mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan náà, kí wọ́n tó yà.

Ká fi RSA kékeré, kọ́kọ́rọ́ tí a ń sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ méjì di púpọ̀ láti ṣe, ṣe àpẹẹrẹ: 77 jẹ́ 7×11, 91 jẹ́ 7×13. Ẹni tó bá wá ohun tó pín méjèèjì rí 7 kíákíá, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti ṣí nìyẹn.

`getrandom()`, tí ètò fi ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ Linux, máa ń dúró dìgbà tí àkójọ náà bá kún, ṣùgbọ́n ó lè má mọ̀ pé wọ́n da kọ̀ǹpútà náà kọ. Pa kọ́kọ́rọ́ SSH àtijọ́ ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ rẹ́, kí o wá ṣe tuntun:

```
sudo rm /etc/ssh/ssh_host_*
sudo ssh-keygen -A
```